“Ó Ní Ìdí Púpọ̀”: Ta Ni Ó Pe “Wọ́n” Síbẹ̀?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síhìn-ín. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dè mí mọ́lẹ̀. Ohun tí ó mú mi gbé gègé lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ti ń kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù gbólóhùn tí ìyá rẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé girama. Wọ́n ní kí ó kọ àròkọ lórí òkè Ọlọ́súnta. Ó kọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ìwé náà padà dé, 9 nínú 20 ni ó gbà, yẹ́ńkì pupa sì ti ba ojú-ìwé náà jẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé e wá fún mi pé kí n bá òun wo ibi tí ọmọ òun ti ṣìnà. Mo wò ó títí. Àṣìṣe àmì ohùn wà níbẹ̀, èyí tí ó yẹ kí a fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba máàkì jù lọ ni gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí:

Ó ní àwọn ìdí púpọ̀ tí àwọn ará ìlú wa fi ń bọ̀wọ̀ fún òkè náà.

Ó ku ọjọ́ méje péré kí ọdún bẹ̀rẹ̀.

Ìdí mìíràn púpọ̀ ni ó wà.

Olùkọ́ fa igi pupa sórí “ó” nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ “wọ́n” sí orí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó kọ ọ́ pé: “Ọ̀pọ̀ ni, kì í ṣe ẹyọ.”

Mo wá olùkọ́ náà lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.” Ó ní, “Dókítà, ṣebí ẹ̀yin gan-an ni ẹ ń kọ́ wa. Ìdí púpọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ‘wọ́n’ ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹni tí ó bá sọ pé ‘déà ìsì mẹ́nì rísìnsì’, àṣìṣe ni. ‘Déà áà’ ni ó tọ́. Ṣé ti Yorùbá wa ni kò wá ní lófin ni?”

Mo fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó gbà á gbọ́. Mo ti rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi náà, àwọn tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú Gẹ̀ẹ́sì náà, nítorí ibẹ̀ ni òfin yìí ti wá. Òótọ́ ni pé ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ “déà áà mẹ́nì rísìnsì”. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé “déà” wulẹ̀ dúró sí ipò olùwà ni, kò tọ́ka sí ohunkóhun. Olùwà tí ó ní ìtumọ̀ ti lọ jókòó sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe yóò bojú wẹ̀yìn, yóò wo ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e, yóò sì bá iye rẹ̀ mu: “ìsì” bí ó bá jẹ́ ẹyọ, “áà” bí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó má bàa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn tí ó ni èdè náà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ láìsí ìwé níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ di “déàsì”, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lò ó fún ẹyọ àti ọ̀pọ̀ bákan náà, àwọn tí wọ́n kàwé gan-an nínú wọn sì ń ṣe é. Bí bíírò kan àti ìwé méjì bá wà lórí tábìlì, “ìsì” ni ọ̀pọ̀ wọn yóò lò, nítorí pé bíírò kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀-ìṣe kọ́kọ́ bá pàdé. Èyí fi hàn pé ìbámu tí ń bojú wẹ̀yìn yìí kò rọrùn fún ahọ́n ènìyàn. Ní ìgbà tí ẹnu bá ya “déàsì”, ọ̀rọ̀-orúkọ tí a fẹ́ kà kò tíì dé.

Kókó tí mo fẹ́ kí olùkọ́ wa rí kọjá èyí. Nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó tọ́ka sí, èwo gan-an ni ó yí padà? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. “Ìsì” di “áà”. “Déà” ńkọ́? “Déà” dúró bí ó ti wà. Kò sí ìwé gírámà kankan tí ó sọ pé kí a yí “déà” padà sí “déè”, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún “wọ́n”. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò ti sọ pé “wọ́n jẹ́ ìdí púpọ̀”, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá sì ni ìyẹn. Àwa, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí. “Wà” ni “wà”, ìbáà jẹ́ ẹnì kan, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. “Ní” ni “ní”, “ku” ni “ku”. Nígbà tí olùkọ́ kò wá rí ohun tí yóò yí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó gbé ẹrù náà lé orí “ó”, ó sì yí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kì í yí. Ó ní òun ń tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọjá ibi tí Gẹ̀ẹ́sì dé.

Bí ó bá sì jẹ́ pé èdè mìíràn ni a fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe, kí ló dé tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan? Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé ní Kétu àti ní Pọ́bẹ̀, lórílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. “Ilíyà” ni Faransé ń lò fún irú gbólóhùn yìí. Ìwé kan, “ilíyà”. Ọgọ́rùn-ún ìwé, “ilíyà”. Kò yí rárá, nínú ìwé tí ó gbayì jù lọ pàápàá. Ẹni tí ó bá sì lọ sí ilé-kéwú dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ gírámà Lárúbáwá mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣíwájú olùwà rẹ̀, kì í bá a mu ní iye. “Dahaba ar-rijaalu”, ìyẹn “àwọn ọkùnrin náà lọ”: ọkùnrin pọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà ní ẹyọ. Bí a bá wá gbé àwọn ọkùnrin ṣíwájú, ó di “ar-rijaalu dahabu”, ọ̀rọ̀-ìṣe sì di ti ọ̀pọ̀. Èdè tí ó fẹ́ràn òfin ni Lárúbáwá. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní èdè tí kò lófin. Ibi tí ọ̀rọ̀-orúkọ dúró sí ni ó ń pinnu ìbámu níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Irú ọ̀nà yìí náà ni Yorùbá ń tọ̀, bí ẹ bá fi ara balẹ̀ wò ó.

“Ó ní àwọn ìdí púpọ̀.” Ẹ bi ẹni tí ó sọ ọ́ pé, “Ta ni ó ni wọ́n?” Yóò wò yín lójú. Kò sí ẹni tí ó ni wọ́n; ó ń sọ pé ìdí wà ni. “Ó” inú gbólóhùn yìí di ipò olùwà mú lásán, gẹ́gẹ́ bí “ó” inú “ó yẹ kí a lọ” tàbí “ó dára bẹ́ẹ̀”. Àwọn àgbà ti ń lo “ní” lọ́nà yìí tipẹ́. Wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ta ni kò ní ìdí nínú òwe yẹn? Kò sí olùwà kankan níbẹ̀ tí a lè tọ́ka sí, òwe náà sì ti wà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ Gẹ̀ẹ́sì.

Wàyí o, ẹ ka àtúnṣe olùkọ́ sókè: “Wọ́n ní àwọn ìdí púpọ̀ tí àwọn ará ìlú wa fi ń bọ̀wọ̀ fún òkè náà.” Ta ni “wọ́n”? Báyìí ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ìdáhùn méjì sì ni. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan ni ó ni àwọn ìdí náà, bóyá àwọn ará ìlú, bóyá àwọn aworo. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn kan ni ó sọ ọ́, nítorí pé “wọ́n ní” ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ náà sọ pé ìdí wà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ̀yà. Olùkọ́ sọ ọ́ di àgbọ́sọ. Iye kọ́ ni ó tún ṣe; ìtumọ̀ ni ó pa dà.

Gbólóhùn kejì ni ó hàn jù. “Ó ku ọjọ́ méje.” Mo rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka ìwé yìí kí ó lọ sí ọjà Ìkẹ́rẹ́, tàbí ti Ìsẹ̀, tàbí ti Ẹmùré, kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ń ta ẹyin pé ẹyin mélòó ni ó kù. Bí ó bá fi Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń sọ dá a lóhùn, “Ó ku méjì” ni yóò sọ. Bí ó bá jẹ́ ogójì, “Ó ku ogójì” náà ni. “*Wọ́n ku ẹyin méjì” kò sí. (Àmì ìràwọ̀ tí mo fi síwájú gbólóhùn túmọ̀ sí pé ẹni tí ó gbọ́ èdè kì í sọ ọ́, àṣà àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni.)

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé dùn. Bí a bá ti dárúkọ àwọn ọmọ kan ṣáájú, a lè sọ pé, “Wọ́n ku mẹ́ta.” Ìyẹn dára. A sì lè sọ pé, “Ó ku ọmọ mẹ́ta.” Ìyẹn náà dára. Kí ni ìyàtọ̀? Nínú èkíní, àwọn ọmọ ni olùwà, wọ́n ti wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, “wọ́n” sì dúró fún wọn. Nínú èkejì, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì sí nǹkan kan níwájú tí “wọ́n” lè dúró fún. Ohun tí a kò lè ṣe ni kí a fi ọmọ sẹ́yìn kí a tún fi “wọ́n” síwájú. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ara yín: “A ku méjì”, “Ó ku èmi àti ìwọ”. Ènìyàn méjì ni wá nínú gbólóhùn kejì, àwa gan-an sì ni ọ̀rọ̀ kàn, síbẹ̀ “ó” kò di “a”. Bí ó bá jẹ́ pé “ó” ń ka iye ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, ibẹ̀ yẹn ni ì bá ti kà á.

Nígbà tí mo ń yẹ ìwé ọmọ náà wò, mo rí gbólóhùn kẹrin tí olùkọ́ kò fọwọ́ kàn: “Kò sí àwọn àlejò púpọ̀ ní ọdún náà.” Àlejò púpọ̀ ju ẹyọ kan lọ. “Àwọn” gan-an wà níbẹ̀ gbangba. Kí ló dé tí yẹ́ńkì pupa kò fi “wọn” síwájú “kò”? Ìdí ni pé etí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò gbà fún un. “*Wọn kò sí àwọn àlejò” kò ṣeé gbọ́ sétí. Bẹ́ẹ̀ ni “Wọn kò sí nílé” dára, bí àwọn àlejò bá ti wà níwájú nínú ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá ti fi “kò” kọ ọ̀rọ̀, “ó” yìí a máa pòórá, ipò olùwà a sì ṣófo gbáà. Níbi tí ipò ti ṣófo, kò sí ohun tí a ó fi igi pupa fà. Òfin tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú “ó ní”, tí kò sì ṣiṣẹ́ nínú “kò sí”, nígbà tí ìkejì jẹ́ àyísódì irú gbólóhùn kan náà, ṣé òfin èdè ni ìyẹn àbí òfin yẹ́ńkì?

Ó ku gbólóhùn kẹta, “Ìdí mìíràn púpọ̀ ni ó wà.” N kò ní ṣe bí ẹni pé òun náà rọrùn bí àwọn tí ó ṣáájú. Níhìn-ín, a ti gbé “ìdí” síwájú pẹ̀lú “ni”, nítorí náà kò sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́. Olùkọ́ lè sọ fún mi pé, “Dókítà, ẹ̀yin náà ní ibi tí ọ̀rọ̀-orúkọ dúró sí ni ó ń pinnu. Ó ti wá ṣíwájú báyìí. Kí ló dé tí kò gba ‘wọ́n’?” Ó sì lè fi kún un pé àwọn òǹkọ̀wé wa ń kọ “àwọn ọmọ náà ni wọ́n ṣe é”. Òótọ́ ni, èmi náà ń sọ ọ́, n kò sì ní fa igi pupa sí i láéláé.

Ìdáhùn mi ni pé “ni ó” kò ka iye rí. A ń sọ pé “Èmi ni ó pè é”, “Ìwọ ni ó pè é”, “Ẹ̀yin ni ó pè é”, “Àwọn ni ó pè é”. Bí “ó” yẹn bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ lóòótọ́, “Èmi ni ó” ì bá jẹ́ wèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé èmi kì í ṣe ẹni kẹta. Ó ń dá àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lágara láti ìgbà pípẹ́. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí àmì ìbámu olùwà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ta ko ìyẹn, ojú àmì àsìkò ni ó fi wò ó. N kò ní parí ìjà yẹn lónìí. Ohun tí ó kàn wá ni pé ó jọ ohùn òkè tí ń gorí olùwà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ sókè: “Ọmọ ọ́ lọ.” Ẹ tún sọ pé: “Àwọn ọmọ ọ́ lọ.” Ẹ gbọ́ “ọ́” kékeré yẹn lẹ́yìn “ọmọ”, èyí tí a kì í sábà kọ sílẹ̀? Ẹyọ ọmọ, òun ni. Àwọn ọmọ, òun náà ni. “Ó” inú “ni ó wà” àti “ọ́” yìí, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ìkankan nínú wọn kò sì mọ ìṣirò.

Nítorí náà, níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti ṣíwájú, “ni ó” ni ó wà fún gbogbo ènìyàn àti gbogbo nǹkan, “ni wọ́n” sì jẹ́ ààyè tí èdè fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, pàápàá bí ó bá jẹ́ ènìyàn tí a fi “àwọn” ṣáájú. Sí etí tèmi, “ìdí púpọ̀ ni wọ́n wà” le bí iṣu tí kò jinná, nítorí pé ìdí kì í ṣe ènìyàn, kò sì sí “àwọn” níwájú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá kọ ọ́, èmi ó kàn béèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí a gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ “ni ó wà”, ìyẹn ni n kò lè fara mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé “wọ́n” fúnra rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti ọ̀pọ̀. “Bàbá mi ni wọ́n kọ́ ilé yìí”: bàbá kan ṣoṣo ni mo ní. Ọ̀wọ̀ ni “wọ́n” ń sọ níbẹ̀. (Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì ti àwọn àgbà wa, a kì í tilẹ̀ sábà fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹyọ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi máa ń rò pé a kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Bí olùkọ́ bá ń kọ́ ọmọ pé “wọ́n” dọ́gba pẹ̀lú “ju ẹyọ kan lọ”, kí ni yóò sọ nígbà tí ọmọ náà bá béèrè pé bàbá mélòó ni Dókítà ní?

Mo kọ gbogbo èyí sórí ìwé pélébé kan, mo sì fi ṣọwọ́ sí i pẹ̀lú àròkọ ọmọ náà. Ó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti sọ 9 di 12. “Ó ku ọjọ́ méje” ti gba ìdáríjì, “Ó ní àwọn ìdí púpọ̀” náà ti gbà á. Igi pupa ṣì wà lórí “ni ó wà”, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a ó jọ sọ ọ́ nígbà tí a bá ríra. N kò bínú sí ìyẹn. Ohun tí ó dùn mí ni àròkọ tuntun tí ọmọ náà kọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, tí ìyá rẹ̀ tún gbé wá. Ojú-ìwé méjì gbáko, kò sí “ó ní” kan níbẹ̀, kò sí “ó ku” kan. Níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ pé ó ku ilé mẹ́ta tí iná kò jó, ohun tí ó kọ ni pé, “Ilé mẹ́ta kò jó.” Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ èyí tí wọn ò ní fagi lé mọ́.”